Omi dídì tí mo dè mọ́rí kò gba irun mi là

"Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n ní màá bẹ̀rẹ̀ kímò fún jẹjẹrẹ ọmú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Ẹnì kan ní tí èèyàn bá gbé nǹkan tútù sórí, irun ò ní já. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì padà hù, báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀?"

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má gbé omi inú ọ̀rá tó dì lé orí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé èmi gbé e, àpá rẹ̀ ṣì wà lókè etí mi ọ̀tún títí di òní.

Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹni yẹn sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ni kímò máa ń pa, gbòǹgbò irun sì wà lára èyí tó ń yára pín jù nínú ara wa. Tí awọ orí bá tutù dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á fún, oògùn tó máa dé gbòǹgbò irun á sì dín kù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é lókè òkun. Fìlà kan ni, tí omi tútù ń yí kiri nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń ṣọ́ bó ṣe tutù tó. Wọ́n á ti dé e ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò ní kúrò lórí títí oògùn á fi tán, wọ́n á sì tún fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó dé e ni irun wọn ṣẹ́kù dáadáa. Nínú àwọn tí kò dé e, kò sí ẹyọ kan.

Ìdajì ni mo wí o. Oògùn tí wọ́n bá kọ fún ọ ló máa sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oògùn pupa tí wọ́n ń pè ní dọksorubísìn kì í sábà gbọ́ ti fìlà náà. Ti paklitáksẹ́lì sàn díẹ̀. Irun tiwa náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ki, ó ta kókó, ó máa ń ti fìlà kúrò lára awọ orí, ibi tí fìlà ò bá sì ti kan awọ, ibẹ̀ ni irun á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá máa lò ó fi gbọ́dọ̀ tú irun dídì sílẹ̀ pátápátá, kó fi omi àti kọndíṣọ́nà rẹ ẹ́ títí á fi lẹ̀ mọ́ orí. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ bá jẹ́ ti inú ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dé e rárá, torí pé oògùn ní láti dé ibi gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ ń dé lára onítọ̀hún.

Níbi tí mo ti gba ìtọ́jú, ẹ̀rọ náà kò sí. Mo bi dókítà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú fáìlì, ó ní, "Màdáámù, irun lásán ni, á padà hù." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ká ní ó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sókè yìí, mi ò bá má ṣe ohun tí mo ṣe.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kó omi inú ọ̀rá mẹ́fà sínú fíríìsà mọ́jú. Mo gbé wọn lọ nínú kúlà, mo fi táwẹ́lì tín-ín-rín wé wọn, mo sì fi ìborí dè wọ́n mọ́ orí mi ní gbogbo wákàtí tí dírípù fi ń sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, orí fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù kàn án. Nígbà tó yá, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́ lápá ọ̀tún, mo wá rò pé ó ti mọ́ mi lára ni. Kò mọ́ mi lára o. Awọ ibẹ̀ ló ti kú tipiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pọ́n, ní ọjọ́ kejì ó ti lé ròrò, ó sì kún fún omi bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Yìnyín tó kan awọ ti tutù jù, ó jó o. Ibi tí kò kàn, kò tutù tó láti dá oògùn dúró. Kí ìdajì wákàtí tó pé, àwọn tó wà láàárín orí ti ń yọ́ dà sí mi lọ́rùn. Kò sí ohun tó ń wọn bó ṣe tutù tó, ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń ṣe.

Irun náà sì já. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, awọ orí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, bí ẹni tó sùn pẹ̀lú ṣùkú tó le koko. Mi ò lè fi orí kan ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo fọwọ́ pa orí, ìdì irun kan tẹ̀ lé ọwọ́ mi láìsí pé ó dùn mí rárá. Àìdùn yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo tún fọwọ́ kàn án, òmíràn tún wá. Irun dí ojú ihò balùwẹ̀, omi kò lọ mọ́, mo dúró sínú omi yẹn títí ọkọ mi fi wá kan ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, inú ọbẹ̀ ni mo ti ń rí irun, mo ń rí i lára aṣọ ọmọ, lórí ẹní tí mo fi ń kírun. Kò já lẹ́ẹ̀kan náà kí n gbàgbé rẹ̀. Apá kan orí pá, apá kejì rí ṣákaṣàka.

Mo ní kí wọ́n fá a. Mo jáde sí Ọjà-Ọba pẹ̀lú ìborí, ìborí yẹ̀, obìnrin kan tí mo máa ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra o. Ìgbà wo ni bàbá kú?" Orí tí wọ́n fá, ti opó ni lójú rẹ̀. Ọkọ mi sì dúró níwájú, ó ń san owó gààrí. Mi ò lè dá obìnrin náà lóhùn. Tí ó bá ṣeé ṣe, sọ fún àwọn tó sún mọ́ ọ kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tìrẹ tó dé, kí wọ́n má baà kí ọ kú ọ̀fọ̀.

Nípa fífá yẹn, má jẹ́ kí abẹ kan orí rẹ. Kílípà ni kí wọ́n fi gé e mọ́lẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi fá tèmi, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Kùkùté irun tó ṣẹ́kù ń gún mi, mo bá tún fá a ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn kímò kejì. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà máa ń kéré jù nínú ara. Ojú ibi tí abẹ gé wú, ó gba ọyún, ara mi gbóná dé 38.6 lórí tẹmómítà. Mo lo Panadol, mo sùn, mo ní á lọ sílẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Tí tìrẹ bá ti dé 38, má lo nǹkan kan láti mú un wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ ní wákàtí yẹn, ì báà jẹ́ òru, kó o sì sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé ò ń gba kímò. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lórí ibùsùn, wọ́n sì sún kímò kẹta síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan.

Irun ojú àti ti ìpéǹpéjú lè lọ pẹ̀lú. Eruku á máa wọ ojú, ra awò.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn kímò ìkẹyìn, ó rí bí irun orí ìkókó. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Irun mi àtijọ́ le, ó sì dúdú. Èyí rọ̀, ó lọ́ ní òrùka òrùka, ewú sì wà níwájú rẹ̀. Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ló ń fa ìyẹn, kò tíì mọ bó ṣe ń mú irun jáde tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń padà sí bó ṣe wà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn wà tí kò padà rí bákan náà.

Èmi ò ní sùúrù. Ní oṣù kẹrin, nítorí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ fi rìlásà nà án. Onídìrí fi sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tó máa ń fi sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Awọ orí mi jó, irun àárín orí ṣẹ́ bí òwú. Mo ní láti gé gbogbo rẹ̀ kí n tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, má fi rìlásà tàbí dáì kàn án, má sì fi iná tó gbóná nà án.

Ohun tí mo wá ń ṣe kò pọ̀. Mo ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ṣámúpù tí kò lágbára, mo ń fi kọndíṣọ́nà sí i, mo sì ń fi ìka tú u nígbà tó ṣì tutù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òòyà eléyín gbígbòòrò, láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe láti awọ orí lọ sókè. Òrí díẹ̀ ni mo fi ń pa á. Sátíìnì ni mo ń wé lálẹ́, òun náà ni mo ń fi sábẹ́ ìborí, torí òwú máa ń fa irun rírọ̀ ya. Dídì? Mo dúró títí ó fi gùn tó ìka ọwọ́. Pátẹ́wọ́ tó dẹ̀ ni mo di, láìkó irun ọ̀rá mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó fa iwájú orí mi. Gbòǹgbò tuntun tí wọ́n bá ń fà lè má hù mọ́ láéláé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta oògùn irun fún ọ, wo ara ìgò rẹ̀ bóyá báyótìnì wà nínú rẹ̀. Tó bá pọ̀, ó máa ń da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, pàápàá ti ọkàn àti ti táíróìdì. Tó o bá ti lò ó, sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ní ti àgbo, fi hàn wọ́n kó o tó mu ún, bí wọ́n tilẹ̀ kanrí mọ́ ọ.

Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá lẹ́yìn kímò tí irun kò hù, tàbí tó hù ní apá kan ṣoṣo, wá dókítà awọ. Oògùn kímò kan tí wọ́n ń pè ní dosetáksẹ́lì lè fa irú èyí, oògùn oníhóró tí wọ́n máa ń fún wa láti máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn kímò náà sì lè mú kí irun fọ́nká. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irun lásán ni.

Tí wọ́n bá ti kọ oògùn fún ọ, kọ orúkọ wọn síbí bó ṣe wà lórí ìwé, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa èyí tí mo bá gbà rí.