Ọmọ tó ń kàwé já geere tí kò lè sọ ohun tó kà

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí, ọmọ mi obìnrin wà ní pírámárì kẹta. Ó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì já geere, àmọ́ bó bá pa ìwé dé, tí mo ní kó sọ ohun tó kà fún mi, á kàn máa wò mí ni. Ṣé kí n gba tíṣà tí á máa wá kọ́ ọ nílé ni?"

Ẹ má tíì gba tíṣà kankan o, ìyá. Ìwé míì ni tíṣà ọ̀hún máa gbé lé e lọ́wọ́, ọmọ náà á sì tún kà á já geere. Kíkà kọ́ ló ń dà á láàmú.

Irú ọmọ yìí lèmi náà bí, ọkùnrin ni tèmi. Bí wọ́n bá ń ṣe ìparí ọdún nílé ìwé, òun ni wọ́n máa ń pè jáde kó wá kàwé fún àwọn òbí, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ká wá gba káàdì rẹ̀, ojú ibi àkàyé, òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Mo bi tíṣà rẹ̀ bí nǹkan méjèèjì ṣe bára mu. Ó ní ọ̀lẹ ni, pé eré ló kún orí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. A débẹ̀, wọ́n ta awò fún wa, owó gidi! Ẹni tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ṣé á lè máa pe gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé láìṣì? Nígbà tí awò ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní fóníìkì ni. Mo tún sanwó fóníìkì. Ọmọ tó ń pe ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń kólòlò lé lórí, wọ́n tún mú un jókòó, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín "b" àti "d". Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é létí ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ọjọ́ tí àkàyé bá ti wà ni inú máa ń run ún láàárọ̀. Tí mo bá rántí, inú ṣì máa ń bí mi.

Ìyá kan ládùúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: "Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo kà á sí i létí ńkọ́, ṣé á lè sọ ọ́?" Mi ò mọ̀. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Àwọn onímọ̀ méjì, Gough àti Tunmer, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1986 pé kí ìwé tó yé èèyàn, ó gbọ́dọ̀ lè pe ohun tí wọ́n kọ, èdè náà sì gbọ́dọ̀ máa yé e. Wọ́n ní ìṣirò ọ̀hún, ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe ìròpọ̀: bí ọ̀kan bá ti jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀. Láti 1986 o! Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú gbogbo àwọn tó gbowó lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ wá ìtàn kúkúrú mẹ́ta tí kò kà rí, tí wọn ò le jura wọn lọ. Kó ka ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ka ìkejì sí i létí ní Gẹ̀ẹ́sì, kó má wo ìwé. Ẹ sọ ìkẹta fún un ní Yorùbá. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ ọ́ padà bó ṣe yé e. Tó bá lè sọ èyí tí ẹ kà fún un, a jẹ́ pé pípe ọ̀rọ̀ ló ń gba gbogbo agbára rẹ̀. Kó máa fi ojú kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ti Yorùbá nìkan ló lè sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ò yé e, ẹ kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó le fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní 1970, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ò sì bà jẹ́.

Tí kò bá lè sọ ìkankan, títí kan ti Yorùbá, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Ọmọ tí kàtá ń ṣe lemọ́lemọ́, omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lábọ̀, kí etí ọ̀hún má sì dùn ún rárá. Bí etí bá dáa, ẹ béèrè onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti èdè.

Tèmi, Yorùbá pàápàá, ẹ̀rún ẹ̀rún ló ń rántí. Mo kọ eléyìí fún un:

"Bísí gbé korobá, ó ń lọ sí ìdí kànga. Ó gbójú sókè. Ó sáré padà lọ kó aṣọ orí okùn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sábẹ́ etí páànù."

Ó kà á láìṣì. Mo ní kó sọ ọ́, ó ní: "Bísí lọ pọn omi." Ó tán. Mo bi í pé ta ló gba korobá, ó ní Bísí. Kí ló dé tó fi kó aṣọ? Ó ní ó ti gbẹ. Kò rí òjò níbẹ̀ rárá, torí kò síbi tí wọ́n ti kọ òjò sí. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ nìyẹn: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yé e, àmọ́ kì í so wọ́n pọ̀. Kì í bi ara rẹ̀ pé ta ni "ó" yìí, kí ni "e" yìí, kí ló fà á.

Ohun tá a wá ń ṣe ni pé a ń dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Màá fi ìka lé "ó", á dárúkọ ẹni náà. Màá ní, "Kí lo rò pé ó rí lókè?" Tó bá sọ̀rọ̀, màá ní kó fi ibi tó ti rí i nínú ìwé hàn mí. Lẹ́yìn náà la ó tó sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀: ta ni, kí ló fẹ́ ṣe, kí ló yí i padà, báwo ló ṣe parí. Ìtàn kúkúrú kan lálẹ́ ti tó. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà wá, kò sì tíì ṣeé ṣe fún un nínú gbogbo ìwé. Èyí tí wọ́n kọ nípa yìnyín ilẹ̀ òyìnbó ṣì ń dá a dúró, ẹ má fi irú ẹ̀ dán tiyín wò.

Ẹ má sì bi í pé "Ṣé ó yé ẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ, kì í sì í ṣe irọ́, kò mọ̀ pé kò yé òun ni. Tèmi, mo máa ń ki ìsọkúsọ bọ àárín ìtàn: "Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sè é, ó jẹ ẹ́." Níbẹ̀rẹ̀, kò dúró, ó kà á kọjá. Ọjọ́ tó dákẹ́, tó wò mí, tó ní "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí," ni mo mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ ohun tó ń kà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó ń há a sórí pẹ̀lú. Tó bá ń dá ọ̀rọ̀ inú ìwé padà ní méní-mèjì, ẹ yí ìbéèrè náà padà, ẹ óò rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà sọ pé lẹ́yìn tó bá pa ìwé dé ni. Ẹ dá a dúró ná. Ẹ ṣí ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ bi í léèrè, kó máa wò ó. Tó bá dáhùn, rírántí ló ń ni ín lára, ìwé ọ̀hún yé e. Tí kò bá ṣì lè dáhùn pẹ̀lú ìwé níwájú, ẹ padà síbi ìtàn mẹ́ta yẹn, kí ẹ wá sọ èyí tó lè sọ fún wa.