Jẹ́ẹ̀lì ìwọ́ ọmọ àti ìbéèrè PICO

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Mo wà ní ọdún àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ó fẹjú jù, kí n lọ sọ ọ́ di ìbéèrè PICO, ìyẹn ìbéèrè ìwádìí tí a fi lẹ́tà mẹ́rin tò. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé àkọlé yẹn tì ná, kí o rántí ọmọ tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí ọ lọ́kàn. Èmi ò gbàgbé tèmi. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni, ìyá rẹ̀ gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí mo tú ìlédìí rẹ̀, ọṣẹ ìfọyín ti gan mọ́ ìwọ́ náà bí ẹfun, awọ ìdí ìwọ́ pọ́n, ó sì gbóná. Ìyá ọmọ ní wọ́n fún òun ní jẹ́ẹ̀lì kilọhẹsidíìnì níbi tóun bí sí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ òun ní kì í jẹ́ kí ìwọ́ tètè já.

Òótọ́ ni ìyá àgbà yẹn sọ. Àwọn kòkòrò tó wà lára ìwọ́ wà lára ohun tó ń jẹ́ kó já. Jẹ́ẹ̀lì ń pa wọ́n, nítorí náà ìwọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó já. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o mú O ṣáájú nínú PICO, ìyẹn ohun tí o máa wò láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí o bá kọ ọ́ pé “kí ìwọ́ tètè já”, jẹ́ẹ̀lì máa fìdí rẹmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ọmọ lọ́wọ́ àkóràn. Àkóràn gan-an ni kí o wò: ǹjẹ́ awọ ìdí ìwọ́ pọ́n tàbí ó wú, àbí ọyún ń jáde, láàárín ọjọ́ 14 tí wọ́n bí ọmọ? Pípọ́n lè fara pamọ́ lára ọmọ tó dúdú, torí náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, kí o fi ìgbóná rẹ̀ wé ti awọ ikùn.

C ni ohun tí o fẹ́ fi wé jẹ́ẹ̀lì. Má ṣe fi ọṣẹ ìfọyín síbẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò tó máa gbà kí nọ́ọ̀sì kàn máa wo ìyá tó ń fi í sí ìwọ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀. Sípíríìtì ni ọ̀pọ̀ ìyá ń lò níbí, òun ni kí o mú.

P, àwọn ọmọ tí o máa wò, nílò ààlà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a lo jẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọ tí wọ́n bí sílé, níbi tí ọmọ tuntun 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń kú nínú 1,000. Ti ọmọ tí wọ́n bí sílé ìwòsàn, wọ́n ní kí ìwọ́ ṣáà mọ́ kó sì gbẹ. Bí o bá da ọmọ inú ilé àti ti ilé ìwòsàn pọ̀, o ò ní mọ̀ bóyá jẹ́ẹ̀lì ló ṣiṣẹ́ tàbí ọwọ́ ẹni tó gbẹ̀bí ló mọ́. Mú ti ilé ìwòsàn nìkan.

I ni jẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Kọ agbára rẹ̀ sílẹ̀, ìdá 7.1 nínú 100, àti iye ìgbà tí wọ́n ń fi í sí i. Ó di:

*Láàárín àwọn ọmọ tó pé oṣù tí wọ́n bí sílé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, ǹjẹ́ àkóràn ìwọ́ kéré láàárín ọjọ́ 14 lára àwọn tí ìyá wọn fi jẹ́ẹ̀lì kilọhẹsidíìnì sí ìwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ju lára àwọn tí wọ́n fi sípíríìtì sí tiwọn lọ?*

Kíyè sí i pé a ò ní kí ìyá kankan lo èyí tàbí tọ̀hún, ohun tó ti ń lò ni o kàn ń wò. Nítorí náà, má kọ ọ́ pé jẹ́ẹ̀lì ló “fa” ìyàtọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń lò ó ló ń wá sílé ìwòsàn déédéé jù. Ìyá tó bá po méjèèjì pọ̀, yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, gbé ẹ̀yà ìbéèrè náà sínú PubMed, níbi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì:

```
newborn AND "umbilical cord" AND chlorhexidine AND (omphalitis OR infection)
```

Bí ohun tó jáde bá kéré jù, yọ àkámọ́ náà àti AND tó ṣáájú rẹ̀ kúrò.

Kí o tó kó ìbéèrè yìí lọ bá ọ̀gá rẹ, lọ jókòó níbi àjẹsára lọ́jọ́ kan, kí o bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń fi sí ìwọ́. Bí nínú 30 méjì péré bá ń lo jẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ yìí ò ní ṣeé ṣe ní sáà kan ṣoṣo. Nígbà náà, fi sípíríìtì sí ipò I, kí ìwọ́ tí wọn ò fi nǹkan kan sí di C.