Títú orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá: ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa fẹ́ pé ọmọ 70 ọdún. Mo ya fọ́tò ìwé orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fẹ́ràn, kí àwa ọmọ lè tú u sí Yorùbá, ká sì kọ ọ́ níbi àpèjẹ wọn ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹni tó ń bá wa tú u ní dandan ni kí ìparí ìlà máa jọra bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ "Ọwọ́ ìyá mi dì mí mú" sí ìlà kìíní, ó wá fi "títí dọjọ́ ikú" bá a mu ní ìlà kejì. Etí fọ́tò náà gé díẹ̀. Èwo ni ká dì mú: ìtumọ̀, bó ṣe ń lọ lẹ́nu, àbí ìparí ìlà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ yọ ikú kúrò nínú orin ọjọ́ ìbí ìyá yín. Orin Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dárúkọ ikú níbì kankan. Ẹni yẹn wá ọ̀rọ̀ tó máa jọ "mú", ikú ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àìmọye irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Súrùlérè, inú mi kì í sì í dùn sí i, nítorí àwọn míì ń gbowó lórí rẹ̀.

Ta ló sọ pé dandan ni kí ìparí ìlà jọra? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ lè parí sí oríṣiríṣi kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà bí méjì bá jọra, etí á gbọ́ ọ, á sì gbádùn rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ́lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa fi ń parí, fáwẹ́lì náà kò sì pọ̀. Ìlà méjì lè parí bákan náà kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ fura. Bí ẹ bá wá fi "ìlú" parí ìlà kan, tí ẹ fi "ìlù" parí èkejì, ojú á rí i pé wọ́n jọra, etí ò ní gbà, torí ohùn wọn yàtọ̀. Ẹ gbọ́ oríkì, ẹ gbọ́ rárà, ẹ gbọ́ ẹkún ìyàwó. Àwítúnwí ló ń mú wọn dùn: gbólóhùn tó tò bákan náà léraléra, tí ọ̀rọ̀ kan péré yí padà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ké wọn kì í wá ọ̀rọ̀ tó jọra sí ìparí ìlà.

Ohun tó ń ba orin tí a tú jẹ́ ni kí ohùn orin dojú ìjà kọ ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ wo ìlà kìíní yín. Mo fetí sí ohùn orin tí ẹ fi ránṣẹ́. Nóòtì mẹ́jọ ni ìlà náà ní: d r m m r d m r. "Ọwọ́ ìyá mi dì mí mú" ní sílébù mẹ́jọ, nítorí náà ẹni tó tú u rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó yá, ẹ kọ ọ́ síta. "Ọwọ́" bọ́ sí d r, ohùn gòkè bó ṣe yẹ, kò sí ìjà. "Ìyá" wá bọ́ sí m m. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè dúró sójú kan, ó sì di "ìyà". Ohun tí àlejò tó jókòó sẹ́yìn máa gbọ́ ni pé ọwọ́ ìyà di ọmọ yìí mú, níwájú ìyá tó ń ṣọjọ́ ìbí! Kò sí ìparí ìlà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Àwọn orin ìjọ tí wọ́n kọ́kọ́ tú láti Gẹ̀ẹ́sì kún fún irú àṣìgbọ́ yìí. Ìwé orin tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Àwọn àlejò yín ní Èbúté-Mẹ́ta ò ní mú ìwé orin lọ́wọ́. Etí wọn nìkan ni wọ́n ní.

Báwo ni ẹ ó ṣe tún un ṣe? Ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi ara yín pé kí ni ìlà yìí ń sọ gan-an. Ó ń sọ pé ìyá ò já ọmọ jù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí Yorùbá lè gbà sọ ọ́, ẹ má fi ọ̀kan tẹ́ra yín lọ́rùn. "Kò fi mí sílẹ̀, ìyá mi" náà ní sílébù mẹ́jọ. Ẹ gbé e lé d r m m r d m r: "kò fi mí" ń gòkè lọ, "sílẹ̀" sọ̀ kalẹ̀ láti m sí r, "ìyá" gbéra láti d sí m. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó dà bí òmíràn. Ọwọ́ tó kúrò níbẹ̀ kò sọnù. Nóòtì mẹ́fà ni ìlà kejì, r s m s s d, "Ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ mi" sì jókòó sórí rẹ̀ dáadáa. Ẹ wò ó, "mi" ló parí ìlà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ a ò wá a. Bó bá dé fúnra rẹ̀, ẹ gbà á. (Bí ẹnì kan bá ní "rẹ̀" kò bọ̀wọ̀ fún ìyá, ẹ sọ fún un pé ẹyọ ni a máa ń lò fún ìyá nínú oríkì. Bí ẹ bá sì fẹ́ "wọn", ó bá nóòtì náà mu.)

Kì í ṣe gbogbo sílébù lẹ ó máa bá jà. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, orin lè lọ síbi tó bá fẹ́ dé ìwọ̀n kan. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ewu wà: kó gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, tàbí kó dúró níbi tó yẹ kó gbéra. Ẹ rántí pé "ń" jẹ́ sílébù kan fúnra rẹ̀, nítorí náà mẹ́ta ni "ó ń bọ̀". Wàhálà míì ni pé ohùn orin kan náà ló ń ru gbogbo ẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kò lè rí bíi ti èkíní. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọ̀, ẹ bẹ olùdarí akọrin yín kó yí nóòtì kan, tàbí kó pín ọ̀kan sí méjì. Ó sàn ju kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ dí àlàfo. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò rí ìwé náà rí, kó sọ ohun tó gbọ́. Ẹ má tọ́ ọ sọ́nà.

Ní ti fọ́tò, ẹ tún un yà lójúmọmọ, kí ìwé náà tẹ́jú, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gan-an. Òpó méjì ni ojú ìwé náà ní, òkè sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kà á. Ẹni tó ń bá yín tú u kà á kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ó sì da ègbè pọ̀ mọ́ ẹsẹ kejì. Ibi tí etí rẹ̀ ti gé yìí nìkan ni ìparí ìlà ti wúlò fún yín: bí ìlà kejì àti ìkẹrin bá jọra nínú Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó hàn lè júwe èyí tó sọnù. Àbá lásán nìyẹn ṣá. Ẹ fi ìwé náà gangan yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú u.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 fi títú iṣẹ́ sí èdè míì sábẹ́ àṣẹ ẹni tó ni ín, ẹ̀tọ́ náà sì máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ kí ẹ sì tà á tàbí gbé e síta, ẹ lọ gba àṣẹ ná.