Ọmọ tó ń ṣe "bàbàbà" tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lẹ́yìn yírùnyírùn

"Ẹ jọ̀wọ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 20, kò tíì pè mí ní mọ́mì rí. Yírùnyírùn ṣe é nígbà tó wà ní oṣù 11, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì yá. Ṣáájú ìgbà yẹn, 'bàbàbà' ló máa ń ṣe káàkiri ilé. Yorùbá là ń sọ nílé, Hausa ni ọmọ-ọ̀dọ̀ wa ń sọ, òyìnbó ni wọ́n ń sọ ní kírẹ́ẹ̀ṣì. Ìyá ọkọ mi ní ọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣé kí n dúró di ọdún 3? Kúbwà la wà."

Ẹ má dúró o, mà. Ìyá ọkọ yín kò parọ́, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó kàn ń pẹ́ kì í sọ èyí tó ti mọ̀ nù. Èdè mẹ́ta kì í sì í pa ọmọ lẹ́nu mọ́. "Bàbàbà" tó dákẹ́ yẹn ni kí ẹ mú ní kókó. Ọmọ tí kò gbọ́ràn náà máa ń fi ẹnu ṣeré ní nǹkan bí oṣù 4 sí 6, àmọ́ kó tó lè to ìró pọ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò, àfi kó máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àti tàwọn ẹlòmíì. Ó jọ pé ọmọ yín gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, sì lè ba etí inú jẹ́.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì rèé. Àwọn iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ ní ọ̀rá kan tó ń wé mọ́ wọn, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Máyẹ́lìn ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí ìró sáré dé, kó sì dé lásìkò. Ti ìsàlẹ̀, nítòsí etí, ti bẹ̀rẹ̀ sí wé láti inú oyún. Ti òkè, níbi tí ìró ti ń di ọ̀rọ̀, ń wé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ìró tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló sì ń kọ́ ibẹ̀ níṣẹ́. Tí ìró kò bá dé ibẹ̀, ojú lè gba ilé etí: apá tó yẹ kó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún ohun tí ojú ń rí.

Ní 2002, Anu Sharma àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní adití, tí wọ́n wá fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí létí. Àwọn tó gbà á kí wọ́n tó pé ọdún 3 ààbọ̀, ọpọlọ wọn ń dáhùn sí ìró bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọjá ọdún 7 kò rí bẹ́ẹ̀. Ti àárín dàpọ̀ mọ́ra. Ọdún 3 ààbọ̀ jẹ́ oṣù 42, tiyín wà ní 20, ẹ ó wá rò pé oṣù 22 ṣì kù. Ẹ má fọkàn sí i. Lẹ́yìn yírùnyírùn, ihò kékeré inú etí tó ká bí ìkarahun ìgbín lè bẹ̀rẹ̀ sí di egungun láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, bó bá sì ti dí, ẹ̀rọ yẹn lè ṣòroó fi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá ló yẹ kí wọ́n ti yẹ etí ẹ̀ wò.

Ẹ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná. Ìdánwò tí ẹ ó béèrè ni èyí tí wọ́n ń kọ ní ABR. Wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí ọmọ tó ń sùn, wọ́n á máa fi ìró "tá-tá-tá" sí i létí, ẹ̀rọ á sì ya ìgbì tí iṣan ń dá padà. Bí ìgbì karùn-ún bá ṣì hàn nígbà tí ìró wá sílẹ̀ dé nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 20 sí 30, etí dára fún irú ìró yẹn. Bí kò bá hàn ní 90, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ìdánwò mìíràn tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní OAE, etí inú nìkan ló ń wò. Ọmọ lè yege nínú rẹ̀ kí iṣan tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ti bàjẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn nìkan dá yín padà sílé.

Ohun tó máa ń ba ABR jẹ́ ni omi tàbí ìdọ̀tí etí, àti ọmọ tí kò sùn. Kí wọ́n yẹ ihò etí wò kọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ tètè jí i, ẹ má jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà, kí ẹ wá fún un lóúnjẹ nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Ẹ má fi àtẹ́wọ́ dán an wò nílé, atẹ́gùn ọwọ́ yín àti òjìji lè jẹ́ kó yíjú. Jẹnẹrétọ̀ náà ń mi ilẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ ní ìwọ̀n mítà kan, kí ẹ pe orúkọ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá yíjú pàápàá, ẹ ṣì lọ, torí ó lè gbọ́ ní etí kan tàbí kó gbọ́ ìró kan láìgbọ́ òmíràn.

Bí wọ́n bá wá sọ pé kò gbọ́ràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Apá ọpọlọ tó ń kọ́ èdè máa ń gba èdè láti ojú náà, kò sì ní dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́.