Sìríńjì tí o fà sílẹ̀ kí wọ́n tó pè ọ́

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwa méjì péré la máa ń wà ní iṣẹ́ ọ̀sán. Tí mo bá ń pín oògùn ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, tí mo ti fa abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan sílẹ̀, ni wọ́n máa gbé pàjáwìrì dé, tàbí kí dókítà ní kí n wá kíákíá. Àwọn ọ̀gá mi ní nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ń rántí ibi tó dé. Kí ni mo lè ṣe kí n máa rántí, kí n sì máa yára ṣe méjèèjì pọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ohun tí o fẹ́ kọ́ yẹn, má kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í gbẹ́kẹ̀ lé pé òun á rántí. Ńṣe ló máa ń to iṣẹ́ rẹ̀ débi pé kò ní sí ohun tó máa rántí rárá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ìbéèrè yìí, nítorí àwa àgbà la fi ọ̀rọ̀ "rántí ibi tí o dé" sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, ó sì ti ṣe aláìsàn léṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí jù nínú ohun tí o kọ ni "abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan sílẹ̀". O rò pé pàjáwìrì ni ìṣòro rẹ. Pàjáwìrì ò ní tán nílé ìwòsàn. Àwọn sìríńjì tó sùn sórí tíréè yẹn ni ìṣòro rẹ.

Lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn yín, kó igo kékeré mẹ́rin jáde, àwọn tí a máa ń fọ́ lọ́rùn. Mú Lásíìsì, oògùn tó ń mú kí aláìsàn tọ omi ara jáde. Mú jẹntamáísìnì tó ń pa kòkòrò àrùn, mú Pulásíìlì tó ń dá èébì dúró, kí o sì mú tiramadọ́ọ̀lù tí a fi ń pa ìrora. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn jẹ́ mílílítà 2, gbogbo wọn sì mọ́ gaara bí omi. Fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú sìríńjì tó tóbi bákan náà, jù wọ́n sórí tíréè, yípadà fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún yíjú sí wọn. Èwo ni èwo? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, ìbáà ti pé ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ oògùn wà lára igo, igo sì ti wà nínú pàǹtí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kò lórúkọ mọ́.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, aláìsàn mi ló sì jìyà rẹ̀. Mo fa sìríńjì méjì sílẹ̀ pọ̀ kí ìrìn mi lè dín. Lásíìsì jẹ́ ti màmá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nítorí àìsàn ọkàn, Pulásíìlì jẹ́ ti ọmọge kan tó ti ń bì láti àárọ̀. Wọ́n pariwo pé aláìsàn kan ṣubú ní bálùwẹ̀. Mo sáré lọ, mo lò tó ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó dá mi lójú dáadáa pé èyí tó wà lápá òsì ni Pulásíìlì. Ẹnì kan ti gbé tíréè náà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè gbá ilẹ̀, mi ò sì mọ̀. Mo gún ọmọge yẹn. Ara rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ látinú èébì, Lásíìsì tún wá ń fa ìwọ̀nba omi tó kù. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú ń yí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já sí 80/50. Màmá àgbà tó yẹ kó máa tọ̀ ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ti ṣe: inú pọ́ọ̀ kò rí omi kankan láti ìgbà tí mo ti gún òun náà. A fi dírípù dá omi padà sára ọmọge yẹn, ó yè. Mo jẹ́wọ́ fún dókítà àti fún ọ̀gá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ ojú rẹ̀ ò tíì kúrò lójú mi títí dòní.

Kí o má baà rò pé nítorí mo ṣì kéré nígbà yẹn ni: ní 2010, àwọn olùwádìí kan tẹ ohun tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn méjì ní Sídínì, ní Ọsirélíà, jáde. Wọ́n tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì 98, wọ́n sì wo ìgbà 4,271 tí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn. Bí wọ́n bá ṣe ń dá nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ dúró tó ni àṣìṣe ń pọ̀ tó. Tí wọ́n bá dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lórí aláìsàn kan ṣoṣo, ewu àṣìṣe ńlá di ìlọ́po méjì. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Fi èyí sọ́kàn tí ọ̀gá rẹ bá tún ní kí o máa rántí.

Ohun tí o máa ṣe wá nìyí. Aláìsàn kan, oògùn rẹ̀, ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni kí o ti fọ́ igo, ibẹ̀ náà ni kí o ti fà á, kí o gún un, kí o sì fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí o bá gún un tán, kì í ṣe ṣáájú. Má fọwọ́ sílẹ̀ de ohun tí o kò tíì ṣe. Tí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́yìn tí o ti fọwọ́ sí i, tí o kò sì tíì gún un, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ máa gbà pé aláìsàn ti gba oògùn. Tí o bá ṣe é báyìí, ìpè yòówù tó bá dé, ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ máa dúró lé lórí.

Tí ìpè bá dé, má béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú. Gbogbo ìpè ló jẹ́ kánjúkánjú lẹ́nu ẹni tó ń pè. Béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn. Tí kò bá lè mí dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí gìrì mú un, tí kò dáhùn mọ́, lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé dókítà fẹ́ wo wọ́ọ̀dù, tàbí pé èsì àyẹ̀wò dé, sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, mo ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́." Mi ò tíì rí dókítà gidi kan tó bínú sí gbólóhùn yẹn.

Jẹ́ ká ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. O wà lọ́dọ̀ ibùsùn 7, o ti fa jẹntamáísìnì sínú sìríńjì, o kò tíì gún un. Wọ́n gbé aboyún tí gìrì mú wọlé. Èyí ò gba ìṣẹ́jú méjì. Ju sìríńjì náà sínú àpótí abẹ́rẹ́, pẹ̀lú oògùn inú rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé àpò rẹ pé "7, kò tíì gbà, 6:10". Ti kọ́bọ́ọ̀dù kẹ̀kẹ́ oògùn pa, kí o sáré. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Àwọn ilé ìwòsàn kan gbà kí a lẹ bébà mọ́ sìríńjì, kí a kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ aláìsàn àti aago sí i. Tí òfin tiyín bá gbà á, tí bébà sì wà lọ́wọ́ rẹ lójú ẹsẹ̀, ó dára. Bí kò bá sí lọ́wọ́, dà á nù. Má sì ní kí ẹnì kejì rẹ lọ gún ohun tí ìwọ fà. Òun kò rí igo, kò sì yẹ kó fọwọ́ sí ohun tí kò rí.

Ká ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún lo padà. Má bẹ̀rẹ̀ láti ibùsùn 8. Padà sọ́dọ̀ 7, bi í ní orúkọ rẹ̀, ka ìwé rẹ̀ látòkè, fọ́ igo tuntun. Aago tí o gún un gan-an ni kí o kọ, má kọ aago mẹ́fà kó lè dára lójú. Tó bá ti pẹ́ ju ohun tí ilé ìwòsàn yín gbà lọ, sọ fún dókítà, òun ló máa pinnu.

Iṣẹ́ kan tún wà tó máa ń dà bíi pé ó ti parí, tí kò sì tíì parí. Tí o bá ti gún alátọ̀gbẹ ní ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ kíá, tí oúnjẹ rẹ̀ ò tíì dé, ìdajì iṣẹ́ lo ṣe. Kí o tó sáré lọ, sọ fún ìbátan rẹ̀ kó fún un lóúnjẹ báyìí, kó sì pè ọ́ tó bá ń làágùn tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àti ẹ̀jẹ̀: aláìsàn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sí lára, má fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nítorí ìgbà yẹn ni ìjàm̀bá tó burú jù máa ń fara hàn. Tó bá di dandan kí o lọ, tí kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í, ti ẹ̀jẹ̀ náà pa ná, kí o sì jẹ́ kí dókítà gbọ́. Èyí tí o kò tíì so kọ́, rán an padà sí ibi tí wọ́n ti gbé e wá kí 30 ìṣẹ́jú tó pé tó ti kúrò nínú fíríìjì.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù láti da oògùn nù. Ìbátan aláìsàn ló lọ rà á ní fámásì, owó sì nira. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí o máa fọ́ ọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó máa ṣòfò ò ní ju ẹyọ kan lọ. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá wọ́ọ̀dù lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá sí, lọ bá ìbátan náà fúnra rẹ, kí o sì wí fún un pé, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n gbé ẹni tó ń kú lọ wọlé, mo dà oògùn yín nù nítorí mi ò lè gún ìyá yín ní ohun tí mo ti gbójú kúrò lára rẹ̀."