Dátábéèsì ojoojúmọ́, dátà wẹ́áháòsì àti dátà léèkì: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

*Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dátà ni. Kí ni ìyàtọ̀ dátábéèsì tí áàpù ń lò lójoojúmọ́, dátà wẹ́áháòsì àti dátà léèkì? Ṣebí ibi ìkódátàsí ni gbogbo wọn?*

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìbéèrè tí kálukú wọn lè dáhùn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 41. Ìlú A ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ó wá kó lọ sí ìlú B ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà.

Dátábéèsì ojoojúmọ́ ni áàpù ìtajà ń lò ní tààràtà. Bí 41 bá yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, àṣẹ tó máa wọlé nìyí:

```
UPDATE onibara SET ilu = 'B' WHERE id = 41;
```

Ìlú A pa rẹ́ pátápátá, B gba ipò rẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, torí ibi tí ẹrù ń lọ lónìí ni áàpù fẹ́ mọ̀. Iṣẹ́ dátábéèsì yìí ni kó tètè wá ìlà kan jáde, kó tún un ṣe, kí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà láìda iṣẹ́ ara wọn rú.

Wàhálà dé nígbà tí ọ̀gá bá béèrè pé, "Èló la tà ní ìlú A lóṣù kejì?" Bí ẹ bá so tábìlì ọjà mọ́ tábìlì oníbàárà, gbogbo ohun tí 41 rà nígbà tó wà ní A ló máa bọ́ sábẹ́ B. Àpapọ̀ owó á pé, kọ̀ǹpútà ò ní sọ pé àṣìṣe wà, síbẹ̀ irọ́ ni ìdáhùn náà. Bí ẹ bá tún ìṣirò oṣù kejì ṣe lónìí, tí iye ìlú A ò bá tàtijọ́ mu mọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fura.

Nítorí irú ìbéèrè yìí ni wẹ́áháòsì ṣe wà. Nínú rẹ̀, ìlà méjì ni 41 máa ní: ọ̀kan fún A, tó parí ní òpin oṣù karùn-ún, èkejì fún B láti oṣù kẹfà. Ọjà kọ̀ọ̀kan á so mọ́ ìlà tó wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. (Ẹni tó kọ́ wẹ́áháòsì náà ló máa ṣètò èyí o, kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀.) Ọ̀pọ̀ wẹ́áháòsì tún máa ń to gbogbo iye owó pa pọ̀ lọ́tọ̀, gbogbo déètì lọ́tọ̀, kó lè ṣírò owó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọjà láìka orúkọ ẹnikẹ́ni. Òru ni wọ́n sábà máa ń kó dátà sí i, nítorí náà ẹ má bi í léèrè ohun tí wọ́n rà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Léèkì ní tiẹ̀ ń gba fáìlì bó ṣe dé: JSON, àwòrán, ohùn, ohunkóhun. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á lẹ tó máa pinnu bó ṣe máa tò. Bí áàpù bá ń fi àkọsílẹ̀ ìyípadà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síbẹ̀, èyí tó sọ pé 41 kúrò ní A á wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì rẹ̀, ẹ sì lè fi tún wẹ́áháòsì tó bàjẹ́ kọ́. Ewu rẹ̀ ni pé kì í sábà dá fáìlì kankan padà. Bí àwọn tó kọ áàpù bá yí `ilu` padà sí `ibugbe`, léèkì á gbà á wọlé, ẹni tó ń wá `ilu` á sì máa rí òfìfo. Ẹ máa ka iye òfìfo lójoojúmọ́; bó bá ṣàdédé lọ sókè, ẹ bi àwọn tó kọ áàpù léèrè ohun tí wọ́n yí padà.