"Ẹ̀sìn òun kò gbà": kí ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, màmá. Ọmọ Ìjùmú ni mí, ọmọ ọdún 29, Kátólíìkì. Mùsùlùmí ni ọkùnrin tí mò ń fẹ́, ọmọ Kàbà, Lọ́kọ́ja ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kẹta wa rèé. Bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀, á ní ẹ̀sìn òun kò gbà, kí n ṣe sùúrù. Ìyá aláàdúrà kan ní ìyàwó ọ̀run ló dè é mọ́lẹ̀, ó ń béèrè ₦45,000 fún òróró àti àbẹ́là. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn lóyún. Kí ni mo lè ṣe tí yóò fi pinnu?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, àbúrò mi. Má san owó yẹn. Irú ìwé yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ta òróró fún ọmọbìnrin nítorí pé ọkùnrin kò tíì mú un délé, olè tó wọ sùtánà ni. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o lóyún kò burú tó o, ṣùgbọ́n kò ronú. Ọjọ́ ìkómọ ni gbogbo ìjà tí ẹ ń sá fún máa bẹ́: ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, lemọ́ọ̀mù àbí fádà? Bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ ọ tẹ́lẹ̀, wọn kò ní torí oyún fẹ́ ọ.

O ní kí ó lè pinnu. Ó ti pinnu, àbúrò. Ohun tó pinnu ni pé òun kò ní sọ ọ́ nílé báyìí. Ìdí tó fi pinnu bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká wá, ọ̀rọ̀ tó sì fi bò ó ni "ẹ̀sìn òun kò gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí kì í ṣe òótọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Kùránì, Súrà 5, ẹsẹ 5, gba Mùsùlùmí ọkùnrin láàyè láti fẹ́ obìnrin oníwà mímọ́ nínú àwọn tí a fún ní Tírà ṣáájú wọn, ìyẹn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì. Kò ní dandan kí obìnrin náà kọ́kọ́ di Mùsùlùmí. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ kan kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá lọ́nà Ìmáàmù Màlíkì, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò fẹ́ràn kì í ṣe ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ ni Mùsùlùmí, tí òun jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: àwọn onímọ̀ kò gba ìyẹn. Èmi kì í ṣe àáfà o. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ bá lemọ́ọ̀mù ilé wọn, kí ó béèrè, kí ó sì mú èsì wá fún ọ. Tó bá ń sá fún ìbéèrè kékeré yìí, ìwọ náà ti rí nǹkan kan.

Ibi tí ẹ̀sìn ti dí yín lọ́nà gan-an, ọ̀dọ̀ tìrẹ ló wà, ó sì jọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ. Kátólíìkì tó bá fẹ́ ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù kí ìgbéyàwó náà tó lè fìdí múlẹ̀ nínú Ìjọ. Wọ́n máa ní kí o ṣèlérí pé wàá sa gbogbo ipá rẹ kí àwọn ọmọ lè ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n sì dàgbà nínú Ìjọ. Ọkọ kò ní ṣe ìlérí kankan lórí èyí, ṣùgbọ́n wọ́n máa jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ ti ṣe é. Ní tiwọn ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí Mùsùlùmí bí, Mùsùlùmí ni. Ìlérí méjì lórí ọmọ kan náà! Bí ọkùnrin rẹ bá ń bẹ̀rù èyí, mi ò bá a wí. Ohun tí mo bá a wí ni pé kò tíì bá ọ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti so yìgì lẹ́yìn ìsìn ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún fádà, nítorí Ìjọ kò fẹ́ kí tọkọtaya jẹ́ ẹ̀jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ẹ̀sìn méjì. Ọ̀rọ̀ ogún tún wà níbẹ̀: lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ìyàwó tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kì í bá wọn pín ogún ọkọ, àfi ohun tí ọkọ bá fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún, èyí tí kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ. Amòfin ni kí ẹ bi nípa ìyẹn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹbí. Àwọn àfẹ́sọ́nà méjì kan wá bá mi, wọ́n fẹ́ jọ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀sìn ni ọkùnrin náà ń kígbe. Mo ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ lemọ́ọ̀mù. Lemọ́ọ̀mù ní kò séèwọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí ni ìyá ọkùnrin náà wá sọ tinú rẹ̀: ọmọ òun yìí ni àkọ́bí, ọmọ náà ló ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò méjì, ẹ̀rù sì ń ba ìyá pé bí ìyàwó bá dé, owó á dúró. Ta ló fẹ́ sọ irú èyí sétí ìyàwó àfẹ́sọ́nà? Ó rọrùn láti dárúkọ Ọlọ́run. Wọ́n jókòó, ọkùnrin náà dá iye tí yóò máa san lóṣooṣù títí àbúrò kékeré yóò fi parí, obìnrin náà gbọ́, ó sì fara mọ́ ọn. Owó yanjú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni kò yanjú. Obìnrin náà wo inú ara rẹ̀, ó ní òun kò lè bí ọmọ kí òun má mú un lọ ṣe ìrìbọmi. Wọ́n pínyà láìjà. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìkómọ.

Nítorí náà, bi ọkùnrin rẹ léèrè: nílé yín, ta ló mọ orúkọ mi, ta ló mọ orúkọ bàbá mi? Bó bá tilẹ̀ ti mú ọ lọ kí ìyá rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí "ọ̀rẹ́ mi láti Lọ́kọ́ja," ìyẹn kò kà. Kí ó dárúkọ àgbà kan tí yóò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá, kí ẹ sì dá ọjọ́ sí i. Ọdún Iléyá dára, gbogbo wọn máa wà nílé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò padà wá pẹ̀lú ìròyìn, bó tilẹ̀ burú: "Ìyá mi sunkún," "Bọ̀ọ̀dá ní kí n dúró." Ìròyìn burúkú ṣe é ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí kò fẹ́ yóò padà wá láìsí ìròyìn, pẹ̀lú "ààyè kò sí, àlejò pọ̀." Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fún un ní ọjọ́ mìíràn. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, máa bá ayé rẹ lọ.

Ìwọ náà ńkọ́? O ò sọ fún mi pé bàbá rẹ mọ̀. Sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má lọ gbọ́ ọ lọ́jà. Lẹ́yìn náà, lọ rí fádà ìjọ yín kí ẹ tó dá ọjọ́ kankan, torí ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ó máa béèrè ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ, tuntun tí kò ju oṣù 6 lọ. Èyí tí màmá rẹ tọ́jú láti kékeré kò tó, ìjọ tí o ti ṣe ìrìbọmi ni kí o ti lọ gba òmíràn.